Orí Kẹrin: Ìwé Owó Tí Ọwọ́ Kò Fẹ́ Kàn

Ní Àgọ́-Àmọ́dù, bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnìkan bá yín kọ ebè, ẹ kò ní sọ fún un pé kó wá ṣe oko. Iye igba tí ẹ fẹ́ lẹ óò sọ: igba ebè kan, igba ebè méjì. Orí igba kọ̀ọ̀kan lẹ óò ná owó sí. Kí ẹni tó gbaṣẹ́ tó ki ọkọ́ bọlẹ̀, ó ti fi ojú wọn ibi tí tòní máa parí sí. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ni, gbogbo àwọn tó jọ da iṣẹ́ pọ̀ ló mọ ọjọ́ tó kan oko oníkálukú. Oko ọ̀hún lè gbòòrò kó kọjá ìdí igi ẹmi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, àgbẹ̀ kì í tìtorí ẹ̀ sá. Poro tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò.

Ẹ wá wo àgbẹ̀ kan náà nígbà tílẹ̀ bá ṣú. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò rẹ̀, ìwé owó ẹgbẹ́ sì wà nínú báàgì kan lábẹ́ ibùsùn. Láti oṣù kẹrin ni kò ti kọ nǹkan kan sínú rẹ̀ mọ́, oṣù kẹsàn-án sì ti parí. Lóṣù kejìlá ni wọ́n máa pín èrè. Ní alaalẹ́ ló ń rántí báàgì náà, ní alaalẹ́ náà ló ń sọ pé ó di ọ̀la. Ọwọ́ tó kọ igba ebè láàárọ̀ kò lè nà dé abẹ́ ibùsùn lálẹ́.

Ẹ má pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ, ọ̀lẹ kì í kọ igba ebè. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ebè ní ìwọ̀n, ìwé tó wà nínú báàgì yẹn kò ní. Ẹnikẹ́ni kò tíì bá a gé e sí igba-igba. Bí a ṣe ń gé e la fẹ́ sọ nínú orí yìí, ìwọ̀n tí a ó sì lò ni ìṣẹ́jú 15.

Ohun tí à ń sá fún gan-an

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé àìráàyè ló fà á tí iṣẹ́ fi ń pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé yìí ráàyè wo bọ́ọ̀lù tó gba wákàtí méjì. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá méjì, Fuschia Sirois àti Timothy Pychyl, kọ ìwé ìwádìí kan tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà lọ́nà míì. Wọ́n ní ẹni tó ń fi òní dónìí, tó ń fi ọ̀la dọ́la, kì í fi bẹ́ẹ̀ sá fún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀; àìbalẹ̀ ọkàn tí iṣẹ́ náà ń kó bá a ló ń sá fún. Bó bá ti sọ pé ó di ọ̀la, ara tù ú lójú ẹsẹ̀. Ìtura yẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀, nítorí pé òun ló ń kọ́ ọ láti tún sọ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Kí ló wà nínú báàgì yẹn tó ń ba inú akọ̀wé jẹ́? Bí ẹ bá bi í dáadáa, ohun mẹ́ta lẹ óò gbọ́. Kò mọ ibi tí òun máa mú un. Ó ń fura pé owó inú ìwé lè má bá owó báńkì mu. Ojú sì ń tì í kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ má lọ mọ̀ pé oṣù mẹ́fà ti kọjá lórí ìwé náà. Ẹ kíyè sí i pé odindi ìwé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá wí. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó kan orúkọ ẹni àkọ́kọ́ lóṣù kẹrin àti iye tó san. Ẹ̀rù orúkọ kan ṣoṣo kì í ba ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni a ó gbà wọlé.

Ìdí tó fi jẹ́ ìṣẹ́jú 15

Kò sí oògùn kankan nínú iye yìí. Ọ̀gbẹ́ni Francesco Cirillo ará Ítálì, ẹni tó sọ iṣẹ́ fífi aago wọ̀n di mímọ̀ káàkiri ayé, ìṣẹ́jú 25 ló yàn, ó sì dáa fún ẹni tó ti jókòó sídìí iṣẹ́. Ní tèmi, 25 ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ tí èèyàn ń bẹ̀rù, torí pé ẹni tó ń bẹ̀rù á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun lè fara dà á. Ìṣẹ́jú 15 kéré débi pé ojú á ti èèyàn láti sọ pé òun ò lè fara dà á.

Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kéré débi tí nǹkan kan ò ní yí padà. Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ yìí ṣírò rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ 24 ni wọ́n. Láti ka orúkọ kan lórí gbòǹgbò rìsíìtì kí a sì kọ iye tó san sínú lẹ́jà, ààbọ̀ ìṣẹ́jú tó o. Orúkọ 24 á gba ìṣẹ́jú 12. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ṣẹ́ kù, èyí tí èèyàn á fi kọ ibi tó dúró sí sílẹ̀. Nítorí náà, ìjókòó kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ fún oṣù kan. Bí ẹgbẹ́ tiyín bá jẹ́ ẹni 60, ẹ má fi ìṣẹ́jú kún ìṣẹ́jú. Orúkọ 20 ni kí ẹ gé fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan.

Bí a ṣe ń mọ ìgbésẹ̀ tòótọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé, "Màá bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹgbẹ́ lálẹ́ òní," ẹ ò tíì sọ nǹkan kan. Ọwọ́ kò mọ ohun tó máa gbá mú nínú gbólóhùn yẹn. "Màá to àwọn rìsíìtì" dáa jù ú lọ díẹ̀, ọwọ́ ti rí ohun mú, àmọ́ kò sí òpin. Ìgbésẹ̀ tó péye máa ń sọ ohun tí ọwọ́ máa mú, ibi tí èèyàn máa jókòó sí, àti ohun tí ojú máa rí tí yóò fi mọ̀ pé ó ti parí. Fún àpẹẹrẹ: "Màá da gbogbo ìwé inú báàgì sórí ẹní ní pálọ̀, màá pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, oṣù kan ọ̀wọ́ kan." Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 á rí ọ̀wọ́ mẹ́fà nílẹ̀, tàbí kó má rí i. Kò sí àríyànjiyàn.

Àwọn ìgbésẹ̀ ẹ̀tàn wà tó jọ òtítọ́ gan-an. Ríra ìwé tuntun ni olórí wọn. Èèyàn á lọ ra lẹ́jà ẹlẹ́yìn líle, á fi rúlà fa ìlà pupa sí i, á kọ orúkọ ẹgbẹ́ síwájú rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, gbogbo ìrọ̀lẹ́ á sì ti lọ. Inú rẹ̀ á dùn, bẹ́ẹ̀ owó oṣù kẹrin ṣì wà nínú báàgì. Òmíràn ni pípe akápò lórí fóònù láti sọ pé, "Màmá, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé wa o." Ohun tí ẹ ó fi dá ẹ̀tàn mọ̀ rọrùn: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ṣé ohun tó ń bà yín lẹ́rù gan-an ti yí padà? Bí báàgì bá ṣì dì bó ṣe dì látijọ́, ẹ̀tàn ni.

Ó ku àsìkò tí ẹ máa ṣe é. Lọ́dún 1997, Peter Gollwitzer àti Veronika Brandstätter ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Jámánì kọ ìròyìn nípa bí wọ́n ṣe lo alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ Kérésì, kí wọ́n kọ ọ́ láàárín ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn kọ́kọ́ sọ ìgbà àti ibi tí wọ́n máa ti kọ ọ́. Nínú àwọn yẹn, ó tó ẹni méje nínú mẹ́wàá tó ṣe é. Nínú àwọn tí wọn ò bi léèrè, nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni. Ohun tí mo fi kún un fún àwa ará Òkè-Ògùn ni pé kí ẹ má so ó mọ́ aago. Aago mẹ́jọ alẹ́ lè bá yín nídìí àlejò tàbí nígbà tí iná lọ. Ohun tí ẹ kì í yẹ̀ lójoojúmọ́ ni kí ẹ so ó mọ́: "Bí mo bá ti kí Ìṣáà tán, kí n tó dìde lórí ẹní." Tàbí, "Bí mo bá ti fọ ọwọ́ àmàlà alẹ́ tán, kí n tó mú fóònù." Kí tọ́ọ̀ṣì tó ní bátìrì wà nítòsí báàgì náà, kí òkùnkùn má baà di àwáwí.

Akọ̀wé kan àti oṣù mẹ́fà rẹ̀

Akọ̀wé tí mo fẹ́ tẹ̀lé yìí, ìrírí èèyàn bíi mélòó kan ni mo kó pọ̀ sára rẹ̀, ẹ má wá a kiri ìlú. Bí ẹgbẹ́ wọn ṣe ń ṣe rèé: lọ́jọ́ ìpàdé, akápò á gba owó, á fọwọ́ sí káàdì olówó, á já rìsíìtì fún un, gbòǹgbò rìsíìtì á sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé owó lọ sí báńkì ní Ṣakí, tẹ́là báńkì á sì wọ inú báàgì. Iṣẹ́ akọ̀wé ni kó gbé ohun tó wà lórí gbòǹgbò rìsíìtì sínú lẹ́jà, kó ròó pọ̀, kó sì wò ó bóyá ó bá tẹ́là mu.

Ní ìjókòó àkọ́kọ́, kò kọ nǹkan kan. Ó da báàgì sórí ẹní, ó pín ìwé sí ọ̀wọ́ mẹ́fà. Àwọn tí kò ní déètì ló kó sí ọ̀wọ́ keje. Òfin kan ṣoṣo tó ṣe fún ara rẹ̀ ni pé òun ò ní ka iye owó tó wà lórí ìwé kankan, oṣù nìkan lòun máa wò. Òfin yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó, á rí ọ̀kan tó ta kókó, á fẹ́ tú u lójú ẹsẹ̀, ìfura tó lé e sá látijọ́ á sì padà dé. Nígbà tí aago fóònù ké, ó fi rọ́bà di ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ó kọ oṣù sí i lára, ó sì kó wọn sórí tábìlì. Kò dá wọn padà sábẹ́ ibùsùn.

Ìjókòó kejì, ọ̀wọ́ oṣù kẹrin nìkan ló tú. Ó ń gbé orúkọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ tó ti pẹ́ tí kò kọ ìwé kì í yá, orúkọ 19 ló dé tí aago fi ké. Márùn-ún péré ló kù. Ó wù ú kó parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró. Ó kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan pé, "Oṣù kẹrin, ó ku orúkọ 20 sí 24," ó sì fi í sáàárín lẹ́jà.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí kò fi parí márùn-ún yẹn. Lọ́dún 1928, obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Maria Ovsiankina tẹ ìwádìí kan jáde ní Jámánì. Ó fún àwọn èèyàn ní iṣẹ́ kéékèèké, ó dá wọn dúró láàárín, kò sì sọ pé kí wọ́n padà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fúnra wọn ló padà sídìí iṣẹ́ náà nígbà tí àyè gbà wọ́n. Iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, tí òpin rẹ̀ sì hàn, máa ń fa èèyàn. Orúkọ márùn-ún tó kù yẹn á wulẹ̀ máa yọ akọ̀wé lẹ́nu tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ kejì, irú ìyọlẹ́nu tó ń mú ọwọ́ nà sí ìwé. Bó bá jẹ́ pé ó parí oṣù kẹrin tán ni, oṣù karùn-ún tó kàn á tún dà bí òkè.

Ìjókòó kẹta gbà á ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti parí orúkọ, ó sì ròó pọ̀. Ẹni 22 ló san owó lóṣù náà, àròpọ̀ lẹ́jà sì jẹ́ ₦57,500. Tẹ́là báńkì ní ₦58,400. Àyà rẹ̀ já. Ìyàtọ̀ ₦900 wà níbẹ̀, ohun tó ti ń bẹ̀rù láti oṣù kẹrin ló dé yìí.

Àwọn tó ń ṣọ́ ìwé owó ní ọgbọ́n kan tí ó yẹ kí gbogbo akọ̀wé ẹgbẹ́ mọ̀. Bí ìyàtọ̀ bá ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, ẹ kọ́kọ́ fura pé ẹnìkan gbé nọ́ńbà méjì sípò ara wọn. 900 ṣeé fi 9 pín, 100 ló máa jẹ́. Èyí sọ fún un pé nọ́ńbà tó wà ní ipò ẹgbẹ̀rún àti èyí tó wà ní ipò ọgọ́rùn-ún ló ṣeé ṣe kó ti pààrọ̀ àyè, àti pé ọ̀kan ló fi yàtọ̀ síra. Kò ní láti yẹ gbogbo orúkọ wò mọ́. Irú iye bíi ₦2,300, ₦4,500 tàbí ₦1,200 nìkan ló ń wá. Orúkọ kọkànlá ló ti rí i: ₦4,500 ló wà nínú lẹ́jà, ₦5,400 ló wà lórí gbòǹgbò rìsíìtì. Ó fa ìlà kan ṣoṣo lé èyí tó ṣì kọ, kí ó ṣì ṣeé kà, ó kọ èyí tó tọ̀nà sókè rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ẹ má fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́ o. Lójú ẹni tó ń yẹ ìwé wò, ibi tí wọ́n pa rẹ́ máa ń burú ju ibi tí wọ́n ṣì kọ.

Oṣù kẹrin ti parí nínú ìjókòó mẹ́ta. Ìgbà yìí ni akọ̀wé tó lè wọn iṣẹ́ tó kù, torí ó ti ní igba ebè tirẹ̀. Oṣù márùn-ún ló kù, ìjókòó mẹ́ta fún oṣù kan, ìjókòó 15 ni. Bó bá jókòó lálẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló máa gbà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ló bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ló máa parí. Ó kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà. Ohun tó ti ń dẹ́rù bà á fún oṣù mẹ́fà ti di iye kan tó ṣeé kọ sára ògiri.

Oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà kò ní ìtàn. Ní oṣù keje, lẹ́jà fi ₦6,000 ju tẹ́là lọ. 6,000 kò ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tó pààrọ̀ àyè. Ọgbọ́n kejì ló kàn: ẹ pín ìyàtọ̀ sí méjì, kí ẹ wá iye yẹn nínú ìwé. Ìdajì 6,000 ni 3,000. Ó wá ₦3,000, ó sì rí i. Owó àga tí wọ́n yá fún ìpàdé ni, wọ́n yọ ọ́ nínú owó kí wọ́n tó gbé èyí tó kù lọ sí báńkì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sí apá owó tó wọlé dípò owó tó jáde. Owó tí a bá kọ sí apá tí kì í ṣe tirẹ̀ máa ń yàtọ̀ ní ìlọ́po méjì, ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ìdajì.

Ibi tí ìwé ò ti lè dáhùn

Oṣù kẹsàn-án ló le jù. ₦12,000 wà nínú lẹ́jà tí kò sí tẹ́là kankan fún. Kò ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù. Ìdajì rẹ̀ ni ₦6,000, kò sì sí ẹni tó san irú iye bẹ́ẹ̀. Ó wo ọ̀wọ́ keje, àwọn ìwé tí kò ní déètì, kò sí níbẹ̀. Bí ọgbọ́n méjèèjì àti ọ̀wọ́ keje ò bá yanjú rẹ̀, ẹ fi lẹ́jà sílẹ̀. Ìdáhùn kò sí nínú ìwé mọ́, ọ̀dọ̀ èèyàn ló wà.

Akápò ni èèyàn náà, ìyá àgbà tó ju akọ̀wé lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀rù tuntun ti yọjú? Ta ló fẹ́ kí ó dà bíi pé òun ń pe ìyá àgbà lólè? Akọ̀wé fi ọjọ́ mẹ́ta yẹra fún ìlà náà. Àmì tó fi mọ̀ pé òun tún ti ń sá ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún oṣù kẹjọ rò, oṣù tó ti parí. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń tún iṣẹ́ tó ti dára ṣe, ẹ wo ohun tó kàn, ibẹ̀ ni ẹ̀rù wà.

Gígé kan náà la fi ń mú irú èyí. Ìjókòó tó kàn, kò lọ sílé ìyá. Ó fi ìṣẹ́jú 15 kọ ohun tó fẹ́ sọ, ó sì gé e kúrú. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Ìṣáà, ó lọ.

"Ẹ káalẹ́ o, Màmá."

"Káalẹ́, ọkọ mi. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o, Màmá. Ìwé oṣù kẹsàn-án ni mò ń tò. Mo rí ₦12,000 lórí gbòǹgbò rìsíìtì, mi ò rí tẹ́là rẹ̀. Mo ní kí n wá bi yín kí n tó kọ ohunkóhun."

Ẹ wo bó ṣe gbé e kalẹ̀. Kò bèèrè ibi tí owó wà. Tẹ́là ló ní òun ò rí, òun fúnra rẹ̀ ni kò sì rí i. Màmá ronú, ó ní àwọn mẹ́rin kan san owó lẹ́yìn ìpàdé, ọjọ́ tó sì lọ sí Ṣakí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì ò dáa. Owó náà wà nínú àpótí òun, ó ti di ìgbàgbé. Wọ́n jọ kà á, ó pé. Akọ̀wé kọ ọ́ pé ₦12,000 wà lọ́wọ́ akápò, ó kọ déètì, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Kì í fìgbà gbogbo parí sí àpótí bẹ́ẹ̀. Bí owó bá dàwátì lóòótọ́, ẹ má fi owó ara yín dí i ní kọ̀rọ̀. Ìwé á bá báńkì mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti di ẹni tó mọ̀ tí kò sọ, ihò tó jẹ́ kí owó lọ sì wà níbẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Ẹ sọ fún alága kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, pẹ̀lú oṣù àti iye rẹ̀ lórí ìwé. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilẹ̀ wa, láti orí èyí tí ìjọba amúnisìn ṣe lọ́dún 1935, ti fi lélẹ̀ pé kí wọ́n máa yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan máa ṣí ojú ewé yẹn.

Ohun tó máa ń ba ọgbọ́n yìí jẹ́

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ó máa dùn. Ní alẹ́ kan, iṣẹ́ á wọra, aago á ké, ẹ óò pa á, ẹ óò sì jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ó jọ àṣeyọrí. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kejì, ara yín kò ní gbàgbọ́ mọ́ pé ìṣẹ́jú 15 lẹ fẹ́ lò. Wákàtí mẹ́ta ni yóò máa rántí, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Bó bá dùn yín púpọ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 kan péré lé e, kí ẹ dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú alẹ́ tó bá fò yín dá. Ẹ má sọ pé ẹ máa ṣe ìlọ́po méjì lọ́la. Gbèsè ìjókòó máa ń di òkè tuntun.

Bí ìgbésẹ̀ náà bá ṣì ń bà yín lẹ́rù, ó túmọ̀ sí pé ó ṣì tóbi. Ẹ óò mọ̀ ọ́n bí ọwọ́ yín bá ń kọ́kọ́ lọ sí fóònù kó tó lọ sí ìwé. Ẹ tún un gé: kí ẹ tú rọ́bà ara ọ̀wọ́ kan péré, kí ẹ ka orúkọ mẹ́ta.

Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí gígé bẹ́ẹ̀ kò bá mu. Ẹni tó ní oko kaṣú lágbègbè wa mọ̀ pé ó yẹ kí òun ro àyíká oko kó mọ́ kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Bí ẹ bá ro ó ní ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, tí iná sì dé kí àyíká tó pé, ibi tí ẹ kò tíì dé ló máa gbà wọlé. Ààbọ̀ àyíká kò dá iná dúró, bẹ́ẹ̀ ààbọ̀ lẹ́jà wúlò. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀wẹ̀ la fi ń ṣe é lọ́jọ́ kan. Ohun tí ìṣẹ́jú 15 lè ṣe níbẹ̀ ni kí ẹ rin ẹ̀gbẹ́ oko kan, kí ẹ mọ iye èèyàn tí ẹ máa bẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwé tiyín, ẹ ka oṣù tí ẹ kò tíì kọ, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ sì wo iye alẹ́ tó kù kí ìpàdé ìparí ọdún tó dé. Bí alẹ́ bá tó, ọ̀wọ́ oṣù tó pẹ́ jù ni kí ẹ tú lálẹ́ òní. Bí alẹ́ ò bá tó, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yín kì í ṣe lẹ́jà: ẹ lọ bá alága, ẹ sọ iye oṣù tó kù, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó fún yín ní ẹnìkan tí yóò máa pe orúkọ bí ẹ ti ń kọ ọ́.